Iná jó ọjà tí a kò tíì kà: bí a ṣe ń fi èrè orí ọjà wá iye ohun tó jóná

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ṣọ́ọ̀bù ànkárá tí mò ń bójú tó ìwé owó rẹ̀ jóná ní òru ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún ọdún 2024. Ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2023 la ka ọjà kẹ́yìn, ó jẹ́ ₦7,500,000. Láti ìgbà náà a ra ọjà ₦16,400,000, a sì tà ₦18,000,000. Èrè 25% la máa ń fi lé ọjà, torí náà mo yọ 25% kúrò nínú ohun tí a tà, ó ku ₦13,500,000. Ìṣirò mi sọ pé ọjà ₦10,400,000 ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tí ilé iṣẹ́ adójútòfò rán wá ní ó ti pọ̀ jù. Níbo ni mo ti ṣì í?

Ìdáhùn: 25% yẹn lẹ kọ́kọ́ ṣì lò. Ẹ mú ànkárá kan tí ẹ ra ní ₦4,000, ẹ fi 25% lé e, ẹ tà á ní ₦5,000. Èrè ibẹ̀ jẹ́ ₦1,000. Bí a bá fi wé iye tí ẹ rà á, 25% ni. Bí a bá fi wé iye tí ẹ tà á, 20% ni. Orí owó títà lẹ ti yọ èrè, nítorí náà 20% ló yẹ kí ẹ yọ. Iye tí ẹ ra ọjà tó ti jáde jẹ́ 80% nínú ₦18,000,000, ìyẹn ₦14,400,000. Ó fi ₦900,000 ju tiyín lọ, owó yẹn sì ti di ọjà lórí ìwé yín, ọjà tí kò sí lórí pẹpẹ kankan.

Ẹ má sì gba 25% náà gbọ́ torí pé bẹ́ẹ̀ la ṣe ń sọ ọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù. Ìwé ìṣirò ọdún 2023 ni kó sọ̀rọ̀. Ẹ fi ohun tí ẹ rà lọ́dún náà kún ọjà tó wà nílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ẹ yọ ₦7,500,000 tí ẹ kà ní ìparí rẹ̀. Ohun tó kù ni iye tí ẹ ra ọjà tí ẹ tà. Ẹ yọ ìyẹn kúrò nínú owó títà ọdún náà, èrè ló ṣẹ́ kù, kí ẹ sì wo ìdá mélòó ló jẹ́ nínú owó títà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ padà sórí ₦16,400,000. Kì í ṣe gbogbo ohun tí a rà ló máa ń wà nínú ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tí iná jó.

Ìbéèrè: Mo ti wò ó. Ní 2023 a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọjà ₦6,000,000, a ra ₦30,300,000 pẹ̀lú owó ọkọ̀, a sì tà ₦36,000,000. Nínú ohun tí a rà lọ́dún 2024, a dá ₦500,000 padà fún ẹni tó tà á fún wa torí pé àwọ̀ rẹ̀ ń ṣí. Owó ọkọ̀ jẹ́ ₦300,000, mi ò sì fi í kún un. Ọ̀gá wa mú aṣọ ₦200,000 nílé fún ìgbéyàwó ọmọ wọn. Báálù kan tó jẹ́ ₦600,000 ti wọ ìwé, ṣùgbọ́n gárééjì ló wà lóru ọjọ́ náà.

Ìdáhùn: Ti 2023 já síra. ₦6,000,000 àti ₦30,300,000 jẹ́ ₦36,300,000. Ẹ yọ ₦7,500,000, ó ku ₦28,800,000. Èrè jẹ́ ₦7,200,000 nínú ₦36,000,000, ìyẹn 20% gẹ́lẹ́. Torí pé owó ọkọ̀ wà nínú 2023, ó gbọ́dọ̀ wà nínú 2024 náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, 20% yẹn kò ní bá ìṣirò tuntun mu.

Ọjà tí ẹ dá padà ti kúrò. Aṣọ tí ọ̀gá mú ti kúrò, kò sì sí nínú owó títà, nítorí náà inú ohun tí ẹ rà lẹ ó ti yọ ọ́, ní iye tí ẹ rà á, kì í ṣe iye tí ẹ̀ bá tà á. Báálù tó wà ní gárééjì kò jóná.

Ọjà tí ẹ rà: 16,400,000 − 500,000 + 300,000 − 200,000 − 600,000 = ₦15,400,000
Pẹ̀lú ọjà ìbẹ̀rẹ̀: 15,400,000 + 7,500,000 = ₦22,900,000
Ẹ yọ iye tí ẹ ra ohun tí ẹ tà: 22,900,000 − 14,400,000 = ₦8,500,000

₦8,500,000 ni ọjà tó yẹ kó wà nínú ṣọ́ọ̀bù lóru ọjọ́ náà. Ohun kan tí ìṣirò yìí kò lè rí ni olè. Bí ẹnìkan bá ti ń jí aṣọ kó láti oṣù Kìíní, ìwé á ṣì kà á sí ọjà tó jóná.

Ìbéèrè: Ìwé tí a fi ń kọ ohun tí a tà jóná pẹ̀lú ọjà. Orí kí ni mo máa fi ẹsẹ̀ ₦18,000,000 lé?

Ìdáhùn: Lórí owó tó wọlé àti gbèsè àwọn oníbàárà. Ẹ gba ìwé àkọsílẹ̀ báńkì, ti POS náà, láti ọjọ́ kìíní ọdún títí di ọjọ́ iná. Ẹ fi àwìn tó kù níta lọ́jọ́ iná kún un, ẹ yọ àwìn tó wà níta lọ́jọ́ kìíní ọdún, torí ọjà ọdún tó kọjá ni ìyẹn. Bí báńkì àti POS bá jẹ́ ₦16,850,000, tí àwìn ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ ₦900,000, tí ti ìparí jẹ́ ₦1,700,000, ìyẹn jẹ́ ₦17,650,000.

₦350,000 tó kù sábà máa ń wà nínú owó tí ẹ mú nínú dúrọ́ọ̀ kí ẹ tó lọ sí báńkì: epo jẹnẹrétọ̀, owó oṣù ọmọ ọjà, owó oúnjẹ. Títà ni gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, owó títà á dínkù, ọjà tó kù á sì fi ₦280,000 wú. Ibí ni aṣojú adójútòfò máa ń kọ́kọ́ wò, torí ó rọrùn fún un láti bi ọmọ ọjà pé ta ló ń san owó oṣù rẹ̀, ibo ló sì ti ń jáde.

Ìbéèrè: Bàtà ni tiwa, èrè wa jẹ́ 30% lórí títà. Ṣùgbọ́n a ta àwọn bàtà tó ti pẹ́, tí a ra ní ₦1,000,000, ní ₦900,000 péré. Gbogbo títà wa jẹ́ ₦10,000,000. Ṣé 30% náà la ó lò?

Ìdáhùn: Rárá o, kì í ṣe lórí gbogbo rẹ̀. Ẹ yọ títà àdánù yẹn sọ́tọ̀. Ó ku ₦9,100,000. 70% rẹ̀ jẹ́ ₦6,370,000. Ẹ wá fi ₦1,000,000 tí ẹ ra àwọn bàtà àtijọ́ kún un, ó di ₦7,370,000. Bí ẹ bá fi 30% gba orí gbogbo rẹ̀, ₦7,000,000 lẹ ó rí, ọjà yín á sì fi ₦370,000 pọ̀ jù.

Òdìkejì rẹ̀ wà pẹ̀lú. Nígbà tí náírà já lulẹ̀ láti àárín 2023, ọ̀pọ̀ oníṣòwò ta ọjà tí wọ́n ti rà tẹ́lẹ̀ ní iye tuntun, èrè wọn sì ga ju ti ọdún tó kọjá lọ. Ìdá èrè àtijọ́ á gbé iye tí wọ́n ra ohun tí wọ́n tà ga jù, ọjà tó jóná á sì kéré sí ti òtítọ́. Ẹni tí èyí kàn gbọ́dọ̀ kó ínfọ́ìsì ọjà àti rìsíìtì títà àwọn oṣù tó súnmọ́ iná, kó fi èrè ìgbà náà hàn.

Ìbéèrè: Èmi oníṣọ́ọ̀bù ànkárá tún ni. A yọ aṣọ tó ṣì tó ₦1,500,000 nínú eérú, nítorí náà àdánù jẹ́ ₦7,000,000. ₦6,800,000 la fi ṣe ìdójútòfò. Wọ́n ní ₦5,600,000 ni àwọn máa san. Ṣé wọn kò rẹ́ wa jẹ?

Ìdáhùn: Wọn kò rẹ́ yín jẹ, bí ìwé àdéhùn yín bá ní òfin ìpín nínú. Ọjà ₦8,500,000 lẹ ní, ₦6,800,000 lẹ fi ṣe ìdójútòfò, ìyẹn 80%. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ gbé 20% tó kù, nítorí náà 80% nínú ₦7,000,000 ni wọ́n jẹ yín.

Ẹ wo ohun tí ₦10,400,000 àkọ́kọ́ ì bá ṣe. Àdánù ì bá di ₦8,900,000, ṣùgbọ́n ìpín yín ì bá lọ sílẹ̀ sí 6,800,000 ÷ 10,400,000, tó jẹ́ nǹkan bíi 65%. Owó tí ẹ ó gbà ì bá jẹ́ ₦5,819,000 ó lé díẹ̀. Iye ọjà tó fi ₦1,900,000 wú kò ní fi ju nǹkan bíi ₦219,000 kún owó ọwọ́ yín, bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá fi hàn pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fi í wú ni, wọ́n lè kọ̀ láti san kọ́bọ̀.