Àwọn àṣìṣe tó ń jẹ́ kí VPN máa já lórí wáífáì, àti bí ẹ ṣe lè jẹ́ kó máa so ara rẹ̀ padà

Bí VPN bá ń já lórí wáífáì, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń ṣe ni pé wọ́n á pààrọ̀ sáfà, tàbí kí wọ́n yọ áàpù náà kúrò, kí wọ́n sì tún un gbé wọlé. Yóò kọ́kọ́ jọ pé ó ti yanjú, torí ìsopọ̀ tuntun kì í já lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan láìlo ẹ̀rọ náà, ẹ ó rí i pé ó ti tún já. Lọ́pọ̀ ìgbà, sáfà kò jẹ̀bi, áàpù náà kò sì bàjẹ́. Ìdákẹ́ ló ń já VPN náà: nígbà tí ohunkóhun kò gba inú rẹ̀ kọjá, ráútà wáífáì yín á gbàgbé pé ó wà. Ohun tí mo fẹ́ dá lé lórí jù nìyí, torí òun ni wọ́n sábà máa ń ṣì mú.

Ẹ má fọwọ́ kan VPN kí ẹ tó mọ ohun tó já

Wáífáì lè já, kó sì fa VPN lulẹ̀. VPN nìkan náà sì lè já nígbà tí wáífáì ṣì wà digbí. Àtúnṣe ọ̀kan kò ran èkejì lọ́wọ́. Ẹ ṣí fèrèsé àṣẹ méjì lórí kọ̀ǹpútà yín. Nínú ọ̀kan, ẹ máa pe ráútà. Nínú èkejì, ẹ máa pe àdírẹ́sì tí sáfà ń jẹ́ nínú VPN. Bí àpẹẹrẹ:

```
ping 192.168.1.1
ping 10.8.0.1
```

Lórí Windows, ẹ fi `-t` sí i kó má baà dúró lẹ́yìn ìgbà 4. Àdírẹ́sì ráútà tiyín ni ẹ ó rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ `Default Gateway` bí ẹ bá tẹ `ipconfig`. Lórí Linux, `ip route` ni yóò fi í hàn lẹ́yìn ọ̀rọ̀ `default via`. Bí ìdáhùn bá dáwọ́ dúró nínú fèrèsé méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, wáífáì ni kí ẹ wá ojútùú sí. Bí ráútà bá ń dáhùn tí sáfà sì dákẹ́, VPN ni. Àmọ́ ẹ kíyè sí i pé àwọn áàpù VPN kan máa ń dí ọ̀nà sí ráútà fúnra rẹ̀. Bí ráútà kò bá dáhùn rárá láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ wá ibi tí áàpù náà ti ń gba ìbánisọ̀rọ̀ abẹ́lé láàyè, kí ẹ tan án.

Ohun kan wà nínú àyẹ̀wò yìí tó máa ń ṣi àwọn tó ti mọ iṣẹ́ gan-an lọ́nà. Ìpè tí ẹ ń ṣe sí sáfà yẹn ń gba inú VPN kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni pé ẹ kò jẹ́ kó dákẹ́ mọ́. VPN tó ń já látàrí ìdákẹ́ kò ní já ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń ṣọ́ ọ báyìí. Nítorí náà, bí kò bá já rárá nígbà tí `ping` ń lọ, tó wá já lẹ́yìn tí ẹ pa fèrèsé náà, ẹ má sọ pé ó ti sàn. Ẹ ti rí ohun tó ń ṣe é nìyẹn.

Ìdí tí ráútà fi ń gbàgbé

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ inú ilé kan ló ń lo àdírẹ́sì ìta kan ṣoṣo. Kí ráútà lè mọ ẹ̀rọ tó ni ìdáhùn tó bá wọlé, ó máa ń ṣe àkọsílẹ̀ gbogbo ẹni tó ránṣẹ́ jáde. NAT ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yìí. WireGuard, tó jẹ́ oríṣi VPN kan, ń lo ọ̀nà ìfiránṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní UDP nìkan. OpenVPN, tó jẹ́ oríṣi mìíràn, náà sì sábà máa ń lò ó. TCP, tó jẹ́ ọ̀nà ìfiránṣẹ́ mìíràn, máa ń sọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó parí, àmọ́ UDP kì í sọ. Ráútà kò lè mọ̀ bóyá ìbánisọ̀rọ̀ UDP ti tán, àfi kó máa ka àkókò. Bí àkókò náà bá pé tí nǹkan kan kò kọjá, á pa àkọsílẹ̀ rẹ́. Ohunkóhun tí sáfà bá fi ránṣẹ́ lẹ́yìn náà, ẹnu ọ̀nà ráútà ló máa parí sí.

RFC 4787, ìwé ìlànà tó jáde ní ọdún 2007, ní kí àkókò yìí má ṣe kéré sí ìṣẹ́jú 2 bí kò bá sí ìdí pàtàkì, ó sì gbà wá níyànjú pé kó tó ìṣẹ́jú 5. Kì í ṣe gbogbo ráútà ló ń tẹ̀ lé e. Àwọn kan ń pa á rẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 30.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ ẹnì kan tó fi kọ̀ǹpútà sílé, tó so ó mọ́ sáfà WireGuard kó lè máa wọ inú rẹ̀ láti ìta. Àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà náà nínú VPN ni 10.8.0.2, ti sáfà ni 10.8.0.1. Nígbà tó bá ń lò ó nílé, gbogbo nǹkan ń lọ geere. Bó bá ti jáde, kò ní lè wọlé mọ́. Bó bá padà délé tó fi kọ̀ǹpútà náà pe sáfà lẹ́ẹ̀kan péré, VPN á tún jí fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ó ṣe nǹkan kan sí i. Ó tẹ `wg show` lórí sáfà, ó sì rí i pé ìlà `latest handshake`, ìyẹn ìgbà tí ẹ̀rọ méjèèjì jọ ṣe kọ́kọ́rọ́ kẹ́yìn, ti lé ní ìṣẹ́jú 10, bẹ́ẹ̀ ìṣẹ́jú 2 ni WireGuard fi ń tún kọ́kọ́rọ́ ṣe bí iṣẹ́ bá ń kọjá.

Ó wá dán an wò. Ó fi kọ̀ǹpútà ilé pe sáfà lẹ́ẹ̀kan, ó fi nǹkan gbogbo sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 1, ó wá pe 10.8.0.2 láti orí sáfà. Ó dáhùn. Ó tún un bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ó fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 3 lọ́tẹ̀ yìí. Kò dáhùn. Ìyẹn ni pé láàárín ìṣẹ́jú 1 sí 3 ni ráútà rẹ̀ ń pa àkọsílẹ̀ rẹ́. Ìlà kan ṣoṣo ló fi kún fáìlì ètò WireGuard, `wg0.conf`, tó wà lórí kọ̀ǹpútà ilé, lábẹ́ `[Peer]`:

```
[Peer]
PersistentKeepalive = 25
```

Ó pa WireGuard, ó tún un tàn:

```
wg-quick down wg0
wg-quick up wg0
```

Láti ìgbà náà, kọ̀ǹpútà ilé ń fi pákẹ́ẹ̀tì kékeré kan ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá 25 sí 25, ráútà kò sì ráyè gbàgbé. Ẹ ó mọ̀ pé ó ti mú un bí `wg show` bá kọ `persistent keepalive: every 25 seconds`, tí `latest handshake` kò sì fi bẹ́ẹ̀ kọjá ìṣẹ́jú 2 àti ààbọ̀ mọ́.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣi ìlà yẹn lò

Àwọn kan máa ń kọ ọ́ sórí sáfà nìkan. Kò tọ́. Àwọn ráútà kan wà tó jẹ́ pé ohun tó ń jáde nìkan ni wọ́n fi ń sún àkókò síwájú, ohun tó ń wọlé kò kàn wọ́n. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí àkọsílẹ̀ bá ti pa rẹ́, sáfà kò lè ṣí ọ̀nà náà láti ìta. Ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn wáífáì ni kí ẹ kọ ọ́ sí. Àwọn mìíràn á fi 300 sí i kí bátìrì má baà tán, èyí tó gùn ju sùúrù ọ̀pọ̀ ráútà lọ. Àwọn mìíràn á fi 1, èyí tí kì í jẹ́ kí fóònù sinmi rárá. Wọ́n ń lo 25 torí pé ó kéré sí 30 díẹ̀.

Fún OpenVPN, orí sáfà ni wọ́n sábà máa ń kọ tiẹ̀ sí, sáfà á sì fún àwọn tó bá wọlé:

```
keepalive 10 60
```

Èyí túmọ̀ sí pé kí wọ́n máa ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 10. Bí ìṣẹ́jú àáyá 60 bá kọjá tí ẹ̀rọ yín kò gbọ́ nǹkan kan, kó bẹ̀rẹ̀ ìsopọ̀ lákọ̀tun. Bí ẹ bá rí `ping-exit` nínú fáìlì yín, ẹ yọ ọ́. Ṣe ló ń sọ fún OpenVPN pé kó kógbá wọlé pátápátá. `ping-restart` ló ń jẹ́ kó padà wá.

Ẹ má sáré lọ sí TCP

Wọ́n máa ń gbani nímọ̀ràn pé kéèyàn yí OpenVPN sí TCP. Lóòótọ́, ráútà máa ń fi sùúrù bá TCP lò ju UDP lọ, nítorí náà ó lè dá jíjá dúró. Àmọ́ wáífáì máa ń sọ pákẹ́ẹ̀tì nù, pàápàá níbi tí agbára rẹ̀ kò ti tó. Bí ọ̀kan bá sọnù, TCP tó wà níta á tún un fi ránṣẹ́, TCP ti ojú ìwé tí ẹ ń kà nínú VPN náà á tún tiẹ̀ fi ránṣẹ́, àwọn méjèèjì á sì máa dí ara wọn lọ́wọ́ títí gbogbo rẹ̀ á fi dúró gbagidi. Ibi tí wọ́n bá ti dí UDP pa nìkan ni mo gbà pé kí ẹ lò ó, lórí pọ́ọ̀tù 443. Ẹ ó dá irú ibẹ̀ mọ̀: VPN kò ní wọlé rárá láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tó wọlé dáadáa, tó wá já nígbà tó yá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ TCP.

Bí ẹ̀rọ náà bá ń sùn

`PersistentKeepalive` kò lè ṣe nǹkan kan bí fóònù bá ti pa áàpù náà mọ́ ẹ̀yìn. Lórí Android, ẹ lọ sí ibi ètò VPN, kí ẹ tan `Always-on VPN`, kí ẹ sì yí ètò bátìrì áàpù náà sí `Unrestricted`. Lórí Windows, ẹ wá káàdì wáífáì nínú `Device Manager`. Bí ojú ìwé `Power Management` bá wà níbẹ̀, ẹ yọ àmì kúrò lára `Allow the computer to turn off this device to save power`. Lórí Linux, bí orúkọ káàdì náà bá jẹ́ `wlan0`:

```
sudo iw dev wlan0 set power_save off
```

Àṣẹ yìí kì í dúró bí ẹ bá pa kọ̀ǹpútà tí ẹ tún un tàn.

VPN tí kò lè padà láé

WireGuard máa ń wá àdírẹ́sì sáfà lẹ́ẹ̀kan péré, nígbà tí ẹ bá tàn án. Bó bá jẹ́ orúkọ ni ẹ kọ sí `Endpoint`, tí àdírẹ́sì IP sáfà sì yí padà, WireGuard á máa kan ilẹ̀kùn àtijọ́ títí lọ. Àmì rẹ̀ ni pé kò ní padà láìka bí ẹ ṣe dúró pẹ́ tó, àmọ́ bí ẹ bá pa á tí ẹ tún un tàn, á wọlé lójú ẹsẹ̀. `reresolve-dns.sh` tó wà nínú `wireguard-tools` ló wà fún èyí. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ máa ṣe é ní ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 30. Bí IP sáfà kì í bá yí padà, òun gan-an ni kí ẹ kọ dípò orúkọ. Ìyẹn tún gbà yín lọ́wọ́ wàhálà mìíràn, níbi tí ẹ̀rọ ti fẹ́ wá orúkọ sáfà kí VPN lè padà, àmọ́ inú VPN tó ti já yẹn kan náà ló gbọ́dọ̀ gbà kó tó rí i.

Lórí wáífáì ìta tó ní ojú ìwé ìwọlé, ẹ ṣọ́ra fún ètò tó ń dí íńtánẹ́ẹ̀tì bí VPN kò bá sí, irú èyí tí Android ń pè ní `Block connections without VPN`. Bí àkókò tí wọ́n fún yín níbẹ̀ bá tán, VPN á já, ojú ìwé ìwọlé náà kò sì ní lè ṣí, torí ètò yẹn ti dí i. Ẹ pa á, ẹ wọlé sórí wáífáì náà, kí ẹ tún un tàn kí ẹ tó ṣí nǹkan mìíràn.