Bí mo ṣe ṣírò iye tó ń kù sí mi lọ́wọ́ gan-an nídìí máṣíìnì dìsípáàṣì

Oṣù keje tí mo ti ń fi máṣíìnì gbé oúnjẹ àti ẹrù kiri Ìbàdàn ni ìyàwó mi bi mí lálẹ́ Sátidé kan pé, "Dádì Àánú, owó tí ẹ ń pa yìí, ibo ló ń gbà lọ ná?" Inú kọ́kọ́ bí mi díẹ̀, torí aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mo máa ń jáde, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń ṣíwọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó rò ó, mi ò ní ìdáhùn kankan. Áàpù ń fi hàn mí pé mò ń pa bíi ₦420,000 lóṣù, èmi náà sì ń sọ fún ara mi pé tí n bá yọ owó epo, ₦350,000 ló máa kù, àmọ́ ọjọ́ tí táyà ẹ̀yìn bẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ní Mọ́kọ́lá, ńṣe ni mo yá ₦24,000 lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni tó ń rí ₦350,000 lóṣù ò yẹ kó máa yá owó táyà. Bí mo ṣe ra ìwé kékeré kan nìyẹn, mo tì í sínú àpótí ẹ̀yìn máṣíìnì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo fi kọ ọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, ọjọ́ mẹ́rìnlélógún lápapọ̀. Ohun tí mò ń kọ ò pọ̀ rárá: nọ́ńbà tó wà lójú mítà kí n tó kúrò nílé, nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ tí mo bá wọlé, aago tí mo jáde àti aago tí mo ṣíwọ́, iye ọ́dà, àti iye tí áàpù kọ sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, mítà dúró sójú kan láti ọ̀sán, mi ò sì mọ̀ àfìgbà tí mo délé, wáyà rẹ̀ ló já. Mo pààrọ̀ rẹ̀, mo fagi lé ọjọ́ yẹn, mo wá fi ọjọ́ kan kún un lẹ́yìn. Torí náà ẹ máa yọjú wo mítà yín lọ́sàn-án, kó má lọ jẹ́ pé ẹ ń rìn tí ìwé ò mọ̀.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pé, mítà ní mo ti rin 2,880 kìlómítà. Mo wá lọ ṣàròpọ̀ ìrìn tí áàpù kọ sórí ọ́dà 300 tí mo gbé, 1,740 péré ni. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì torí mo rò pé mo ṣì í ni. Àṣé 1,140 kìlómítà ni mo rìn tí ẹnikẹ́ni ò sanwó ẹ̀ fún mi, ìyẹn ni pé nínú kìlómítà márùn-ún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó méjì tó jẹ́ ìrìn òfìfo: kí n ti ibi tí mo wà lọ sí ilé oúnjẹ lọ gbé ọ́dà, kí n gbé e dé Akóbọ̀ kí n tún fi àpótí òfìfo padà wá sí Bódìjà, kí n lọ ra epo, kí n lọ sílé. Epo ò mọ̀ bóyá ọ́dà wà lẹ́yìn àbí kò sí, táyà náà ò mọ̀.

Ká mú owó wá. Ọ́dà 300 yẹn, ₦1,400 ni ká fi pín in dọ́gba, ìyẹn ₦420,000. Áàpù tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ń mú 20 nínú 100, ₦84,000 lọ, ó ku ₦336,000. Ohun tí kì í jẹ́ kí èèyàn rí kọmíṣọ́n yìí ni àwọn kásitọ́mà tó ń san káàṣì. Gbogbo owó yẹn á bọ́ sọ́wọ́ ẹ, wàá rò pé tìẹ ni, wàá ra iṣu, wàá fi kún owó ilé, ìgbà tó bá yá áàpù á sọ pé gbèsè kọmíṣọ́n wà lọ́rùn ẹ, àwọn ọ́dà tí wọ́n bá ti sanwó ẹ̀ lórí fóònù ni wọ́n á sì ti yọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ìdá tiwọn sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí mo bá ti gba káàṣì.

Epo náà, mi ò wò ó lójú lásán. Mo kún táńkì dé ẹnu, máṣíìnì dúró ṣánṣán lórí sítáǹdì àárín, mo kọ mítà sílẹ̀, mo rìn títí epo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, mo tún kún un dé ojú ibẹ̀ gan-an, lítà tí wọ́n bù sí i lẹ́ẹ̀kejì ni mo fi pín ìrìn náà. Lẹ́ẹ̀kan ó fún mi ní kìlómítà 31 fún lítà kan, ọkàn mi ò sì gbà á, torí mi ò gbé ẹrù tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣéènì ò fà, afẹ́fẹ́ wà nínú táyà. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún lọ sí ilé epo kan náà, pọ́m̀pù ní lítà márùn-ún ti pé, kẹ́ẹ̀gì ò kún. Mi ò tẹ̀ síbẹ̀ mọ́. Ní ilé epo mìíràn mo rí 38, 41 àti 41, mo wá gbà á ní 40. Iye tí mò ń ra lítà nígbà náà ni ₦900, èyí túmọ̀ sí ₦22.50 lórí kìlómítà kan, ₦64,800 fún oṣù náà. Kó tó di pé wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, lítà kan ò tó ₦200, ẹ wá fojú inú wo iye tó yí padà fún àwa tó jẹ́ pé orí epo la ti ń jẹun.

Ibi tó kàn yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa kì í ṣírò, èmi náà ò ṣe é rí: àwọn nǹkan tó ń jẹ díẹ̀díẹ̀ lára máṣíìnì. Mo lọ bá mẹ́káníìkì mi, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣéènì pẹ̀lú sipirókẹ́ẹ̀tì, ó máa ń lò tó kìlómítà mélòó kó tó kú?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àbúrò, ìwọ ni kó o sọ fún mi, ìwọ lo ní mítà." Ṣùgbọ́n ó jókòó tì mí, a yẹ àwọn rìsíìtì àtẹ̀yìnwá tí mo tò sínú ọ̀rá wò. Ṣéènì àti sipirókẹ́ẹ̀tì, ₦18,000, bíi 12,000 kìlómítà ló lò, tí ẹ bá pín in, ₦1.50 ni lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ₦6,000, mo ń pààrọ̀ rẹ̀ ní 1,500 kìlómítà, ₦4 nìyẹn. Bí a ṣe ṣe táyà nìyẹn, bíréèkì, pílọ́ọ̀gì, kílọ́ọ̀ṣì, owó fọkanáísà, títí dórí písítìn àti ríìngì tí ẹ̀gbọ́n ní máa béèrè owó tó bá yá. Àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ ₦14.50. Lójú kò tó nǹkan, àmọ́ ẹ fi 2,880 lù ú, ₦41,760 ni. Kì í ṣe pé mo ná an lóṣù yẹn o, oṣù yẹn gan-an mi ò ná tó ₦20,000 lórí máṣíìnì, ìyẹn ló ń tan èèyàn jẹ. Gbèsè ló ń di lábẹ́lẹ̀, ó máa jáde lọ́jọ́ kan ṣoṣo bíi ti Mọ́kọ́lá.

Ó ku máṣíìnì fúnra ẹ̀. ₦1,350,000 ni mo ra Bàjáàjì yìí ní tuntun. Ẹ̀gbọ́n mẹ́káníìkì sọ fún mi pé tí mo bá fi rin 60,000 kìlómítà nínú iṣẹ́ yìí, tí mo tọ́jú ẹ̀, ẹni tó máa rà á lè fún mi ní ₦600,000. ₦750,000 tó máa sọnù yẹn, mo pín in sí 60,000, ₦12.50 lórí kìlómítà kan, ₦36,000 lóṣù. Ohun tí mo fojú bù jù nínú gbogbo ìṣirò yìí nìyí, torí ta ló mọ iye tí ọjà máa jẹ́ nígbà yẹn, àmọ́ kí n fi òdo sí i gan-an ni irọ́.

Epo, ara máṣíìnì, àti máṣíìnì fúnra ẹ̀, gbogbo ẹ̀ pọ̀, ₦49.50 ni kìlómítà kan ń ná mi. Mo yọ ₦142,560 yẹn kúrò nínú ₦336,000, mo yọ dátà àti owó ìpè ₦13,440, ó ku ₦180,000. Wákàtí 240 ni mo fi wá a, nítorí náà ₦750 ni wákàtí kan. Mi ò ka ìjàm̀bá mọ́ ọn, mi ò ka oògùn ẹ̀yìn ríro mọ́ ọn. Mo gbé ìwé náà fún ìyàwó mi, ó kà á tán, ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ jẹ́ kí n rí i."

₦49.50 yẹn ló yí bí mo ṣe ń gba ọ́dà padà. Ẹ wo ọ́dà kan tí mo máa ń sáré gbà: mo wà ní Mọ́kọ́lá, ilé oúnjẹ wà ní Bódìjà, kásitọ́mà wà ní Akóbọ̀, ₦1,500. Kọmíṣọ́n bọ́, ó ku ₦1,200. Kìlómítà mẹ́rin ni kí n lọ gbé e, mẹ́jọ ni kí n gbé e dé Akóbọ̀, mẹ́jọ òfìfo ni kí n padà, ogún kìlómítà, ₦990. ₦210 ló kù fún mi, ó sì gba wákàtí kan. Ọ́dà mìíràn wá, ₦1,000, láti Bódìjà dé Yunifásítì, tẹ́lẹ̀ mo máa ń fojú kéré ẹ̀. Ó ku ₦800 lẹ́yìn kọmíṣọ́n, àti lílọ gbé e àti gbígbé e dé àti pípadà ò ju kìlómítà méje lọ, nǹkan bíi ₦347. Ó ku ₦453 láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Oṣù tó tẹ̀ lé e, mo dúró sí Bódìjà, Sáńgo àti agbègbè Yunifásítì, mi ò gba ọ́dà ọ̀nà jíjìn àfi tí owó ẹ̀ bá gbé àlọ àti àbọ̀. Áàpù kọ ₦362,500 fún mi, àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ rò pé ọjà mi ti ń kú. Lẹ́yìn kọmíṣọ́n ó jẹ́ ₦290,000, 1,900 kìlómítà ni mo rìn, ₦94,050, mo yọ dátà, ó ku ₦182,510. Wákàtí 216 ni mo fi ṣe é, wákàtí mẹ́san-án lójúmọ́, mo ń délé bá Àánú lójúfò. Ó ní ìyà tiẹ̀ o, torí tí èèyàn bá kọ ọ́dà púpọ̀, áàpù á dín iye tó ń fi ránṣẹ́ kù, ó ṣẹlẹ̀ sí mi ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọjọ́ méjì gbáko ni ọ́dà fi ń dún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Látìgbà yẹn, dípò kí n máa kọ̀ ọ́ lemọ́lemọ́, tí mo bá ti gbé nǹkan lọ jìnnà mo máa ń pa áàpù títí n ó fi padà sí àdúgbò mi.

Lálaalẹ́ mo máa ń wo mítà, mo máa ń fi ₦27 lu ìrìn ọjọ́ yẹn, ìyẹn ₦14.50 àti ₦12.50 tí mo ti ṣàlàyé, mo sì máa ń fi owó náà ránṣẹ́ sí àkáǹtì kan tí káàdì ẹ̀ wà lọ́wọ́ ìyàwó mi. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ṣéènì já ní Sáńgo. Mo pè é, ó fi ₦18,000 ránṣẹ́ tààrà sí ẹ̀gbọ́n mẹ́káníìkì, aago méjì ọ̀sán mo ti padà sójú títì.