Lẹ́tà tí mo kọ nípa òpó mẹ́fà

Èmi ni ẹnjinníà tó ń mójú tó ìkọ́lé ilé alájà mẹ́rin kan l'Ékòó. Lọ́jọ́ tí a da kọnkéré òpó mẹ́fà ìsàlẹ̀, a bu díẹ̀ lára rẹ̀ sínú àpótí irin onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 150. Nígbà tó le, a rì í sómi títí ó fi pé ọjọ́ 28, a sì gbé e lọ sí ibi àyẹ̀wò kí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ fọ́. Agbára tí àwòrán ilé béèrè ni níútìn 25 lórí mìlímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n 15 la rí.

N kò tíì pariwo, nítorí bí òṣìṣẹ́ kò bá gún kọnkéré inú àpótí dáadáa, èsì lè burú nígbà tí òpó gan-an kò ní àbùkù. Mo ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ gbẹ́ ègé mẹ́ta jáde lára àwọn òpó náà. Kò sí èyí tó kọjá 16.

Ọ̀gá wa ka èsì náà, ó ní kí n po kọnkéré tuntun tí sìmẹ́ǹtì rẹ̀ ki, kí n fi èsì tirẹ̀ rọ́pò ti àkọ́kọ́. "Oníilé ń retí dẹ́kìn kejì," ló wí.

Ó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn pé kí n kúkú fi iṣẹ́ sílẹ̀. Àmọ́ mo rántí ilé alájà 21 tó wó ní Ìkòyí ní oṣù kọkànlá ọdún 2021. Àwọn ẹnjinníà kan ti fi lẹ́tà yọwọ́ nínú iṣẹ́ náà lọ́dún 2020, síbẹ̀ ilé ń ga sí i, ẹni tó lé ní 40 ló sì kú níbẹ̀.

Nítorí náà mo kọ lẹ́tà. Mo dárúkọ òpó mẹ́fà náà ní nọ́ńbà, ọjọ́ tí a dà wọ́n, èsì méjèèjì, àti ohun tó yẹ ní ṣíṣe: kí ẹnikẹ́ni má gbé ẹrù kún orí wọn, kí a sì fi igi gbé dẹ́kìn àkọ́kọ́ ró. Mo ti kọ́kọ́ pe ọ̀gá ní ọ̀daràn nínú rẹ̀. Mo pa ìyẹn rẹ́, torí ohun tí mo wọ̀n nìkan ni mo lè dúró tì. Mo fún òun àti olùdarí tó wà lókè rẹ̀, wọ́n sì buwọ́ lu ẹ̀dà tèmi.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fún wọn. Ká ní ènìyàn ti ń gbé inú ilé náà ni, n kì bá tí dúró rárá. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, wọ́n ti gbé ẹ̀rọ ìpo kọnkéré dé fún dẹ́kìn kejì. Ìlànà àjọ COREN, tó forúkọ wa sílẹ̀, fi ààbò ará ìlú ṣáájú ohun tí agbanisíṣẹ́ ń fẹ́, nítorí náà mo gbé ẹ̀dà lẹ́tà àti èsì lọ sí àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ìkọ́lé. N kò fún oníròyìn, n kò sì mú ìwé mìíràn kúrò ní ọ́fíìsì.

Wọ́n ti ilé náà pa lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi irin àti kọnkéré tuntun yí òpó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ká kí iṣẹ́ tó tẹ̀ síwájú, lọ́wọ́ ẹnjinníà mìíràn. Wọn kò tíì san owó oṣù mi tó kẹ́yìn.