Lẹ́tà tó mú owó iṣẹ́ mi jáde

Íńfọ́ìsì mi ti fi ọjọ́ 47 kọjá gbèdéke. Ẹ̀bẹ̀ ni mo ń kọ ṣáá sí ọ̀gá tó gbé iṣẹ́ lógò ilé-iṣẹ́ wọn fún mi, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òun ló ń sanwó. Mo wá kọ̀wé sí akápò wọn:

“Ẹ kú iṣẹ́, mà. Íńfọ́ìsì 014 ló wà nínú lẹ́tà yìí. Kí ló dá a dúró lọ́dọ̀ yín? Ẹ jọ̀wọ́, ọjọ́ wo lẹ máa san án?”

Èsì dé lọ́jọ́ kejì: nọ́ńbà àṣẹ ìrajà wọn, ìyẹn nọ́ńbà ìwé tí wọ́n fi fọwọ́ sí iṣẹ́ náà, kò sí lórí rẹ̀. Mo fi kún un, àmọ́ n kò yí ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ padà, kí wọ́n má baà tún ọjọ́ kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Owó wọlé lọ́jọ́ kẹfà.