Bí mo ṣe sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé pípẹ́ rẹ̀ ń dùn mí, tí a kò sì jà

Tí a bá fi àdéhùn sí aago 4, aago 4 ààbọ̀ ni ọ̀rẹ́ mi á pè pé òun ti wà lójú ọ̀nà, màá sì máa gbọ́ omi ìwẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ̀rín ló fi dáhùn. Mo ń pe aago 4 ní aago 3 fún un. Nígbà tó já ọgbọ́n náà, ó tún wá ń pẹ́ sí i.

Ohun tó ṣiṣẹ́ nìyí. Mo dúró di ọjọ́ tó tètè dé, tí inú ò bí ẹnikẹ́ni, tó ku àwa méjì. Mi ò sọ pé “gbogbo ìgbà lo máa ń pẹ́”, torí ńṣe ni yóò máa ka ọjọ́ tí kò pẹ́ fún mi. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo mú: “Ní Sátidé, mo dá dúró fún ìṣẹ́jú 40. Ó dùn mí. Kí ló máa ń dá ẹ dúró?” Mo wá panu mọ́, ibẹ̀ ló le jù. Ó ní aago àdéhùn gan-an lòun fi ń bẹ̀rẹ̀ ìmúra.

Ní báyìí, aago tí yóò jáde nílé la jọ ń dá. Tí ìṣẹ́jú 15 bá kọjá, màá máa lọ láìbínú. Ó ṣì ń pẹ́ nígbà míì, àmọ́ ó ń pè kí n tó jáde. Ẹni tí kò wulẹ̀ fẹ́ wá mọ́, bóyá ni èyí á ṣiṣẹ́ fún un.