Bí a ṣe ń di góòlù kan mú títí rẹfirí á fi fọn fèrè ìkẹyìn

Ẹ ti gbá ọ̀kan wọlé, ó ti di ìṣẹ́jú 80, àwọn tọ̀hún ò tíì rí nǹkan kan. Ohun tí ọ̀pọ̀ tíìmù ń ṣe ní pápá wa káàkiri Àkúrẹ́ níbí tó bá ti dà báyìí ni kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú kiri, kípà á máa tún okùn bàtà so, ẹlòmíì á gbá bọ́ọ̀lù sọnù sínú igbó lẹ́yìn pápá. Wọ́n rò pé àwọn ń jẹ àkókò, àmọ́ wọn ò jẹ nǹkan kan, torí rẹfirí tó mọ iṣẹ́ ẹ̀ ń ṣírò gbogbo ẹ̀: ẹni tó ṣèṣe, sọ́ọ̀bù, ayọ̀ góòlù, ẹni tó ń mọ̀ọ́mọ̀ falẹ̀, òfin ní kó fi gbogbo ẹ̀ kún ìṣẹ́jú tó máa fún wa lẹ́yìn 90. Iye ìṣẹ́jú tó bá sì pè yẹn, kò lè dín in kù mọ́, ó lè fi kún un ni.

Àkókò kan ṣoṣo tí rẹfirí ò ní dá padà ni èyí tí eré ń lọ lọ́wọ́ tí bọ́ọ̀lù sì wà lẹ́sẹ̀ yín. Torí náà gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ níbí, ibi kan náà ló ń lọ: ẹ jẹ́ kí bọ́ọ̀lù wà nínú eré, kó wà lọ́wọ́ yín, kó sì jìnnà sí góòlù yín.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí sọ́ọ̀bù. Tó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kóòṣì a máa fẹ́ yọ sítíráíkà kó fi dìfẹ́ǹdà kan kún un. Èmi ò fara mọ́ ọn, àyàfi tí àwọn tọ̀hún bá ti kó àwọn géńdé gíga sí iwájú tí wọ́n ń da bọ́ọ̀lù sókè wá sínú bọ́kìsì yín. Tí ẹ bá yọ ẹni tó lè di bọ́ọ̀lù mú níwájú, gbogbo bọ́ọ̀lù tí ẹ bá gbá jáde, kò ní lò tó ìṣẹ́jú kan kó tó padà wá bá yín, àwọn dìfẹ́ǹdà yín ò sì ní rí àyè mí. Ẹni tí mo máa ń gbé wọlé ni ọmọ tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣì tuntun, tó lè sáré, tí kò sì bẹ̀rù kí wọ́n gbá a lẹ́sẹ̀, iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà ni mo sì ń fi sí. Láti 2019, ẹni tí wọ́n yọ gbọ́dọ̀ gba ìlà tó sún mọ́ ọn jù jáde, kì í ṣe kó máa rìn gbẹ̀rẹ̀ láti òpin pápá kan wá bọ kóòṣì lọ́wọ́. Ohun tí sọ́ọ̀bù ń ṣe fún yín báyìí ni pé ó ń já eré àwọn tọ̀hún lójú, àwọn tiyín á sì rí àyè gbọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ fi ọ̀kan pamọ́ di ìṣẹ́jú 87 tàbí 88, kí ẹni tó ń wọlé sì gbé iṣẹ́ kan ṣoṣo dání, kó sọ ọ́ fún kápíténì.

Ó kan kípà. Tẹ́lẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá 6 ni òfin fún un láti fi di bọ́ọ̀lù mú, ṣùgbọ́n àwọn rẹfirí ò fi bẹ́ẹ̀ fìyà ẹ̀ jẹ ẹnikẹ́ni, kípà á di bọ́ọ̀lù mú bí ẹni pé òun ló bí i. Wọ́n ti yí i padà ní 2025: ìṣẹ́jú àáyá 8 ló ní, rẹfirí á gbé ọwọ́ sókè, á sì fi ìka ka 5 tó kẹ́yìn, tó bá kọjá ẹ̀, kọ́nà ni fún àwọn tọ̀hún. Ẹ ro ohun tí kọ́nà jẹ́ ní ìṣẹ́jú 92 nígbà tí gbogbo wọn ti wọ bọ́kìsì yín tán. Torí náà kí kípà má wo ojú àwọn òǹwòran, ọwọ́ rẹfirí ni kó máa wò. Kíkà ò tíì bẹ̀rẹ̀ títí bọ́ọ̀lù á fi dúró lọ́wọ́ ẹ̀ dáadáa tí ẹnikẹ́ni ò sì yọ ọ́ lẹ́nu, nítorí náà tó bá mú bọ́ọ̀lù tó wá láti òkè, kó wólẹ̀ lé e lórí, kó dìde ní ìrọ̀rùn, kó wá gbá bọ́ọ̀lù náà lọ tó bá rí ọwọ́ rẹfirí tó ku ìka méjì. Ìyẹn ò ṣẹ̀ sí òfin kankan. Góòlù kíìkì ní tiẹ̀, tó bá ń fi falẹ̀, yẹ́lò ni, ẹ má sì jẹ́ kó gba yẹ́lò yẹn ní ìṣẹ́jú 80, torí ìkejì lè bá a ní 90.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù ni ẹ̀gbẹ́ àsíá kọ́nà, ní apá tàwọn tọ̀hún. Tí bọ́ọ̀lù bá dé ọ̀dọ̀ ẹni yín níwájú lẹ́yìn ìṣẹ́jú 88, tí kò sì sí àyè gidi láti gbá a wọlé, kó gbé e lọ síbẹ̀. Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní Ọba-Ilé, báyìí ni mo ṣe ń fi hàn wọ́n: má kọjú sí dìfẹ́ǹdà, má sì kẹ́yìn sí i pátápátá, fi ẹ̀gbẹ́ ara ẹ kò ó. Ẹsẹ̀ tó jìnnà sí i ni kó wà lórí bọ́ọ̀lù, àtẹ́lẹsẹ̀ ni kó o fi tẹ̀ ẹ́. Rẹ ìdí ẹ sílẹ̀, tẹ orúnkún, jẹ́ kí ìdí ẹ wà láàrín òun àti bọ́ọ̀lù. O lè na apá díẹ̀ kó o lè mọ ibi tó wà, ṣùgbọ́n o ò gbọdọ̀ tì í, o ò sì gbọdọ̀ dì í mú láṣọ. Òfin gbà ẹ́ láyè láti fi ara bo bọ́ọ̀lù níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà níbi tí ẹsẹ̀ ẹ lè tó o, tó bá ti yí jìnnà tó o wá ń fi ara dí ènìyàn lọ́nà, fáòlù ti di tiwọn nìyẹn.

Nígbà náà, ohun mẹ́ta ló lè ṣẹlẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló dára fún yín. Ó lè gbá ẹ lẹ́sẹ̀, ẹ ti gba fíríkíìkì. Ó lè na ẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù kó jáde, tíróò tàbí kọ́nà tiyín ni. Tó bá sì di méjì tí wọ́n ká ẹ mọ́, ìwọ fúnra ẹ lè gbá a mọ́ ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú wọn kó jáde. Tó bá di kọ́nà, ẹ má gbá a sínú bọ́kìsì o! Tí kípà wọn bá gbé e, wọ́n á jù ú síwájú, ẹ̀yin márùn-ún á sì wà lókè níbẹ̀ tí ẹ ń sáré padà. Ẹ gbá a kúkúrú fún ẹnì kejì, kó padà sí ẹ̀gbẹ́ àsíá. Ẹnì kejì yìí ṣe pàtàkì, òun ló máa dúró bíi mítà mẹ́jọ sẹ́yìn, á máa ké "èèyàn ń bọ̀, ọ̀tún ẹ, fún mi!", àmọ́ àwọn méjì yẹn náà tó. Àwọn yòókù á wà lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, torí tí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ yín, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ṣì máa rìn kí wọ́n tó dé góòlù yín, ẹ̀yin sì ti tò síbẹ̀ dè wọ́n. Nígbà òjò, kí ẹnì kan yẹ kọ́nà méjèèjì wò kí eré tó bẹ̀rẹ̀, torí ibi tí omi bá dúró sí, bọ́ọ̀lù á rì mọ́lẹ̀, kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi ẹsẹ̀ yí i.

Lẹ́yìn ńkọ́? Ẹ má sún wọ inú bọ́kìsì yín. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń fà á, ṣùgbọ́n tí ìlà àwọn dìfẹ́ǹdà bá ti dúró síbi tí pẹ́nárítì ti ń ṣẹlẹ̀, gbogbo ìkọlura tó bá ṣẹlẹ̀ á di ọ̀rọ̀ ńlá. Àwọn Súpà Ígùs fi èyí hàn wá ní Bouaké, 7 February 2024, nígbà tí wọ́n pàdé Gúúsù Áfíríkà ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá nínú Ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà. Troost-Ekong ti fi pẹ́nárítì gbá ọ̀kan wọlé ní ìṣẹ́jú 67. Tó ku bí ìṣẹ́jú márùn-ún, Osimhen gbá ìkejì, gbogbo wa ń hó, ọ̀rọ̀ ti parí lójú wa. Fídíò bá pe rẹfirí padà. Kí bọ́ọ̀lù tó kúrò níwájú góòlù wa ni Alhassan Yusuf ti ṣe fáòlù sí Percy Tau nínú bọ́kìsì wa, bí wọ́n ṣe wọ́gi lé góòlù Osimhen nìyẹn, wọ́n sì fún Gúúsù Áfíríkà ní pẹ́nárítì. Mokoena gbá a wọlé ní ìṣẹ́jú 90, ó di ọ̀kan sí ọ̀kan. Kípà Nwabali ló wá yọ wá nígbà tó gbá méjì dànù nínú pẹ́nárítì ìkẹyìn, 4 sí 2. Tó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ yẹn dúró ni, tí a kàn rọra dá Tau dúró tí a darí ẹ̀ síta, kò ní sí gbogbo wàhálà yẹn. Nítorí náà, ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín: nínú bọ́kìsì, ẹ dúró lórí ẹsẹ̀, ẹ má fò lu ilẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa lọ sí ẹ̀gbẹ́, kó gbá a sókè láti ibẹ̀, èyí rọrùn láti fi orí yọ ju pẹ́nárítì lọ.

Ẹ sì rántí 5 July 1994, Nàìjíríà àti Ítálì nínú Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé, Amunike ti gbá ọ̀kan wọlé, wọ́n ti lé Zola jáde, ènìyàn mẹ́wàá ló kù fún wọn, síbẹ̀ Baggio dá a padà ní ìṣẹ́jú 88, ó sì fi pẹ́nárítì pa wá nínú àfikún àkókò. Ènìyàn kan lé tí ẹ ní ò wúlò tó bá jẹ́ pé níwájú góòlù yín ni bọ́ọ̀lù wà.

Ẹni tó bá ń ṣubú láìsí nǹkan kan, ẹ sọ fún un kó dìde. Tí àwọn dókítà bá wọlé wá tọ́jú ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ jáde kúrò ní pápá kó tó lè padà wọlé, àyàfi kípà àti ìgbà díẹ̀ mìíì bíi kó jẹ́ ẹni tó gbá a ló gba káàdì. Ẹ ti di mẹ́wàá fún ara yín nìyẹn, fíríkíìkì wọn sì lè wà níwájú yín lásìkò yẹn gan-an. Gbígbá bọ́ọ̀lù sọnù lẹ́yìn tí rẹfirí ti fọn fèrè, yẹ́lò. Bíbọ́ aṣọ tí ẹ bá gbá ìkejì, yẹ́lò náà ni. Tí fáòlù bá jẹ́ tiwọn, ẹ kúrò níbi bọ́ọ̀lù kíá, ẹ lọ tò.

Tí kípà wọn bá wá gòkè wá fún kọ́nà tó kẹ́yìn, ẹ fi ẹnì kan sílẹ̀ nítòsí ìlà àárín. Tí ẹ bá gba bọ́ọ̀lù náà, ẹ má kàn fi agbára lù ú sí góòlù tó ṣófo láti ọ̀nà jíjìn, tí kò bá wọlé, góòlù kíìkì ti di tiwọn, ẹ ti fún wọn ní bọ́ọ̀lù míì. Ẹ gbé e fún ẹni yẹn, kó sáré síwájú, tí ọ̀nà bá là kó lọ gbá a wọlé, tí kò bá là, àsíá kọ́nà ṣì wà níbẹ̀.