Mílíìkì ló ń mú inú mi wú, kì í ṣe gààrí

Owó tí mo ná sórí oògùn ọgbẹ́ inú àti àyẹ̀wò ibà jẹ̀funjẹ̀fun kì í ṣe kékeré, síbẹ̀ inú mi kò yéé wú. Bí mo bá ti mu gààrí tutù lọ́sàn-án pẹ̀lú ẹ̀pà, ṣúgà àti mílíìkì, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, á le bí ìlù, afẹ́fẹ́ á sì máa dà mí láàmú títí di alẹ́. Ní ilé ìwòsàn tí mo lọ, ẹnikẹ́ni kò béèrè ohun tí mo ń jẹ. Gààrí ni àwọn ará ilé dá lẹ́bi, wọ́n ní kíkan rẹ̀ ti pọ̀ jù. Èmi ọmọ Ìjẹ̀bú, kí n pa gààrí tì!

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ṣàgámù ló ní kí n fi mílíìkì sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2 ná. Ó ṣàlàyé pé ṣúgà kan tó ń jẹ́ láátóòsì wà nínú wàrà màlúù, àti pé èròjà tí ìfun fi ń dà á máa ń dínkù lára ọ̀pọ̀ wa bí a ṣe ń dàgbà. Èyí tí kò bá dà á wọ inú ìfun ńlá, àwọn kòkòrò tó wà níbẹ̀ á sì sọ ọ́ di afẹ́fẹ́. Dókítà Olikoye Ransome-Kuti wà lára àwọn tó fi ìwádìí hàn ní 1971 pé púpọ̀ nínú àwọn Yorùbá kì í lè da ṣúgà yìí, nígbà tí ọ̀pọ̀ Fúlàní darandaran lè dà á.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ sú mi rèé. Mo jáwọ́ nínú mílíìkì, ìwú náà dínkù, ṣùgbọ́n kò lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kó gbogbo ohun tí mo ń jẹ jáde. Nígbà tí a ka lẹ́tà wínníwínní tó wà lẹ́yìn agolo tíì kòkó tí mo ń mu láràárọ̀, a rí ìyẹ̀fun mílíìkì níbẹ̀. Ó tún wà nínú bisikíìtì tí mo ń jẹ lọ́sàn-án. Ta ní ń ka ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀? Mílíìkì olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n fi òróró ewéko ṣe pàápàá kò yọ sílẹ̀, nítorí ọ̀rá nìkan ni òróró yẹn rọ́pò, ṣúgà rẹ̀ wà níbẹ̀.

Nígbà tí a kó gbogbo wọn kúrò, inú mi rọ̀ pẹ̀sẹ̀. Ọjọ́ tí a dán an wò, mo mu ife mílíìkì kan láàárọ̀ kí n tó jẹun, láìfi gààrí tàbí ẹ̀pà kún un. Nǹkan bíi gíráàmù 12 láátóòsì ló wà nínú ife wàrà màlúù kan. Kí wákàtí 2 tó pé, inú ti ń kùn, ó sì ti wú. Lọ́jọ́ mìíràn mo mu gààrí àti ẹ̀pà láìsí mílíìkì, kò sì sí ohun tó ṣe mí. Gààrí Ìjẹ̀bú jàre!

Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tí ènìyàn ń rù, tàbí tí inú rírun ń jí i lóru, kó má ṣe dán irú èyí wò nílé, dókítà ni kó lọ rí. Ẹni tí ètè rẹ̀ ń wú tàbí tí ara rẹ̀ ń lé lẹ́yìn mílíìkì, àìsàn tirẹ̀ yàtọ̀, kò sì gbọdọ̀ tọ́ ọ wò mọ́. Ní tèmi, wàrà dídì tí àwọn obìnrin Fúlàní ń tà kì í ṣe mí ní nǹkan, nítorí púpọ̀ nínú ṣúgà náà ti bá omi rẹ̀ lọ. Mílíìkì díẹ̀ nínú tíì lẹ́yìn oúnjẹ náà sì ń bá mi lára mu.